Báńdì A àbí jẹ́n: báwo la ṣe ń ṣírò owó wákàtí kan gan-an?

Télọ̀ Pánsẹ́kẹ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa wà lẹ́bàá Pánsẹ́kẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti gbé àdúgbò wa sí Báńdì A ni owó káàdì ti ń ká wa lára. Bí a bá ra ₦10,000 báyìí, wéré ló ń tán. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀lé tiwa ní tí òun bá fi ₦10,000 ra bẹntiróòlù, ó máa ń pẹ́ lọ́wọ́ òun ju káàdì lọ, pé jẹ́n ló dín owó.

Ohun tí à ń lò ni ẹ̀rọ ìránṣọ oníná méjì, áyọ́ọ̀nù kan tí wọ́n kọ 1,000 wáàtì sí lára, fáànù kan àti gílóòbù mẹ́rin. Jẹ́n wa jẹ́ 2.5kVA, bẹntiróòlù nìkan ló ń mu, a kì í po óìlì mọ́ epo rẹ̀. Mo fẹ́ mọ iye tí wákàtí kan ń jẹ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ iye tí màá fi lé owó ìránṣọ lọ́jọ́ tí iná kò bá sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìméfò fún mi.

Ọmọ Lísàbí

Ìyẹn ò le. Ẹ wo ara páálí tí wọ́n fi gbé jẹ́n yín wá. Wọ́n á kọ ọ́ pé táǹkì gba lítà 15, pé ó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12. Ẹ pín 15 sí 12, lítà kan àti ìdámẹ́rin ni. Tí lítà bá jẹ́ ₦900 níbi tí ẹ ti ń rà, ₦1,125 ni wákàtí kan. Ó parí.

Adé Ìbarà

Ẹ lọ gbé sólà, kí ẹ fọkàn balẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin àti bátìrì kan ti tó télọ̀.

Rìwáyà Làfẹ́nwá

Bọ̀ọ̀dá Adé, sólà kọ́ ni wọ́n béèrè. Ẹ jẹ́ kí a dáhùn ohun tí wọ́n bi wá ná.

Ọmọ Lísàbí, ọ̀nà tí ẹ gbà pín in dára, àmọ́ nọ́ńbà tí ẹ pín ni kò bá ti télọ̀ mu. Wákàtí tí wọ́n ń kọ sára páálí, lóòdù kan pàtó ni wọ́n gbé lé jẹ́n kí wọ́n tó kà á, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìlàjì agbára rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kò ní lóòdù yẹn. Nǹkan méjì péré ni wọ́n nílò láti wọ̀n fúnra wọn.

Àkọ́kọ́ ni iná tí ṣọ́ọ̀bù ń jẹ. Ẹ dúró dìgbà tí NEPA bá mú iná wá. Ẹ kọ iye yúnìtì tó kù lórí mítà sílẹ̀, ẹ ṣiṣẹ́ yín bí ẹ ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ fún wákàtí mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ẹ tún lọ wo iye tó kù. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ti àkọ́kọ́, kí ẹ pín èyí tó jáde sí mẹ́ta. Ẹ má tìtorí ìdánwò yìí rọra lo áyọ́ọ̀nù o. Ìdí tí mi ò fi ní kí ẹ ka wáàtì ara ẹ̀rọ pọ̀ ni pé áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì kì í jẹ 1,000 ní gbogbo ìgbà. Tó bá ti gbóná tó, ó máa ń gé ara rẹ̀ kúrò, iná kékeré ara rẹ̀ á kú, tó bá tutù díẹ̀ á tún mú. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà, ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wà lórí pẹ́dà ló ń jẹun jù. Ẹni bá kàn ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ á rí nọ́ńbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì òótọ́.

Ìkejì ni epo. Ẹ gbé jẹ́n sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú níta, kì í ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bu epo sí i títí yóò fi kan àmì kan tí ojú yín rí kedere, ìsàlẹ̀ asẹ́ tó wà lẹ́nu táǹkì dára fún un. Ẹ fi ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú lóòdù kan náà tí ẹ lò nígbà tí ẹ ń wo mítà. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù fún bí ìdajì wákàtí, nítorí sàlẹ́ńsà tó gbóná lè mú kí epo gbiná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun tó ní ìlà ìwọ̀n lára bu epo padà títí yóò fi kan àmì yẹn. Iye tí ẹ bù padà ni jẹ́n mu. Ẹ má fi ike omi 75cl wọ̀n ọ́n o, tí ike yẹn bá kún dé ẹnu, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti ju 75cl lọ.

Ẹlẹ́ńjíníà Ọbańtokò

Ohun tí Rìwáyà sọ ló pé. Fún ẹni tí kò ráyè wákàtí mẹ́ta, ọ̀nà kan wà tó yá. Lójú mítà, iná pupa kékeré kan wà tó ń ṣẹ́jú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ nǹkan bíi 1600 imp/kWh sí, tàbí 1000, tàbí 3200. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iye ìgbà yẹn ni iná náà máa ṣẹ́jú kí yúnìtì kan tó lọ. Ẹ ka iye ìgbà tí iná náà ṣẹ́jú, ẹ fi fóònù ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà, kí ẹ wá ṣe báyìí:

```
kW = (3600 × iye_ìgbà_tí_iná_ṣẹ́jú) ÷ (imp × ìṣẹ́jú_àáyá)

3600 × 20 ÷ (1600 × 90) = 0.5 kW
```

Ó máa fi hàn yín pẹ̀lú bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń fò sókè tó sì ń bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí iná ń jẹ lásìkò yẹn gan-an nìkan ló ń sọ, kì í ṣe ti gbogbo ọjọ́, nítorí náà wákàtí mẹ́ta Rìwáyà ló ṣeé gbára lé jù fún télọ̀. Iná NEPA nìkan ló sì ń bá a mu. Tí jẹ́n bá ń ṣiṣẹ́, mítà kò mọ ohun tó ń lọ.

Iye yúnìtì kan ńkọ́? Ẹ wo rìsíìtì yín. Nígbà tí Báńdì A bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ₦225 ni yúnìtì kan, wọ́n wá dín in kù, wọ́n tún wá gbé e sí ₦209.50. Ẹ ó tún fi 7.5% tí wọ́n ń kọ VAT sí lé e. ₦10,000 á wá fún yín ní yúnìtì 44.4, tó túmọ̀ sí pé ₦225 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ni yúnìtì kan ń bọ́ sí. Ẹ kàn pín owó tí ẹ san sí iye yúnìtì tí ẹ rí gbà. Ṣùgbọ́n tí gbèsè àtijọ́ bá wà lórí mítà yín tí wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú káàdì, ẹ yọ owó gbèsè yẹn kúrò kí ẹ tó pín in. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé iná ti wọ́n sí i nígbà tó jẹ́ pé gbèsè ni wọ́n ń san.

Ìyá Firísà Àsérò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Èmi ò rán aṣọ o, ẹja dídì ni mò ń tà. Firísà kan ṣoṣo ni mò ń tan jẹ́n fún, wákàtí méjì láàárọ̀, mẹ́ta lálẹ́ tí iná bá lọ. Ṣé wọ́n á fi ọ̀nà kan náà ṣírò tèmi?

Rìwáyà Làfẹ́nwá

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọ̀nà kan náà ni, àmọ́ tiyín máa dunni jù. Mo máa padà wá sórí rẹ̀ tí télọ̀ bá ti mú nọ́ńbà tirẹ̀ wá, torí ohun kan náà ni yóò ṣàlàyé méjèèjì.

Mẹkáníìkì Adígbẹ̀

Gbogbo yín ń sọ epo, kò sẹ́ni tó dárúkọ óìlì. Ẹ́ńjìnnì 2.5kVA bẹ́ẹ̀ yẹn máa ń gba óìlì bíi lítà 0.6. Nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, ẹ yí óìlì náà lẹ́yìn wákàtí 20, torí irin tuntun tó ń ha ara wọn á ti já sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí 100 ni tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tó ń lò ó wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ti lo wákàtí 30 lọ́sẹ̀ kan. Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni óìlì tirẹ̀, kì í ṣe ọdún dé ọdún bí àwọn mìíràn ti ń ṣe.

Tí lítà óìlì bá jẹ́ ₦5,000, lítà 0.6 jẹ́ ₦3,000, tí a bá pín in sí wákàtí 100, ₦30 ni fún wákàtí kan. Púlọ́ọ̀gì, ẹ fi ₦7 sí i. Fóòmù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ máa fọ̀ ọ́ ní wákàtí 50, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti ń ya, ẹ fi ₦8 sí i. Fífọ kábúrẹ́tọ̀ àti owó iṣẹ́, ₦15. Àpapọ̀ ìtọ́jú jẹ́ ₦60 ní wákàtí kan. Iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò yín lè yàtọ̀, ẹ fi tiyín rọ́pò tèmi.

Ọmọ Lísàbí

Wákàtí 100 ti yá jù. Tí óìlì bá ti dúdú ni kí wọ́n yí i, tí kò bá tíì dúdú kí wọ́n fi sílẹ̀.

Mẹkáníìkì Adígbẹ̀

Dúdú kọ́ là ń wò, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ́ńjìnnì kékeré yìí kò ní fílítà óìlì bíi ti mọ́tò. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kàn ń ta óìlì káàkiri inú ni. Gbogbo ìdọ̀tí àti irin tó bá já sínú rẹ̀ ló ń bá a yí ká. Òmíràn á ṣì mọ́ lójú àmọ́ tí ẹ bá fi ọwọ́ pa á, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń ha. Òmíràn ẹ̀wẹ̀ á tètè dúdú nítorí pé ó ń kó èéfín mọ́ra, bẹ́ẹ̀ kò tíì bàjẹ́.

Rìwáyà Làfẹ́nwá

Èmi á dín in sí 60 fún ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì tí eruku pọ̀, pàápàá tí kò bá mọ orísun óìlì tó rà. Ìyẹn á gbé owó óìlì sí ₦50 ní wákàtí kan. Mẹkáníìkì ò ní gbà, mo mọ̀.

Mẹkáníìkì Adígbẹ̀

Mi ò gbà lóòótọ́. Tí fóòmù bá mọ́, eruku kò ní dé inú óìlì. Fóòmù ni kí wọ́n tọ́jú.

Télọ̀ Pánsẹ́kẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe é bí Rìwáyà ṣe wí. Mítà: 42.7 nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, 40.9 lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Jẹ́n: lítà 1.95 ni mo bù padà, iṣẹ́ kan náà, wákàtí mẹ́ta. ₦900 ni mo ra lítà epo. Jẹ́n tuntun irú tèmi, ₦300,000 ni wọ́n ń pè é.

Rìwáyà Làfẹ́nwá

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí a mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Yúnìtì 1.8 nínú wákàtí mẹ́ta jẹ́ 0.6 ní wákàtí kan. Tí yúnìtì kan bá jẹ́ ₦225, ₦135 ni NEPA ń gbà lọ́wọ́ yín fún wákàtí kan.

Lítà 1.95 nínú wákàtí mẹ́ta jẹ́ lítà 0.65 ní wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ ₦585 fún epo nìkan. Ẹ fi ₦60 ìtọ́jú Mẹkáníìkì lé e, ó di ₦645. Gbígbó jẹ́n fúnra rẹ̀ ló kù. Tí ẹ bá rà á ní ₦300,000, tí ẹ lò ó fún wákàtí 2,000, tí ẹ wá rí ₦60,000 tà á nígbà tó bá gbó, ₦240,000 ni wákàtí 2,000 yẹn jẹ. Ìyẹn jẹ́ ₦120 ní wákàtí kan.

```
NEPA:  0.6 × 225                        = ₦135
Jẹ́n:   (0.65 × 900) + 60 + 120          = ₦765
Ìyàtọ̀ fún wákàtí kan:                     ₦630
```

Tí ẹ bá ń wá iye tí ẹ máa fi lé owó ìránṣọ, ₦630 yẹn ni kí ẹ pín sí iye aṣọ tí ọwọ́ yín ń mú jáde ní wákàtí kan. Ẹ má fi ₦765 pín in, nítorí ₦135 ti wà nínú owó ìránṣọ yín tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Lísàbí

₦120 yẹn kò yẹ kó wọ inú ìṣirò. Wọ́n ti ra jẹ́n. Bí wọ́n tàn án, bí wọn ò tàn án, owó ti jáde. ₦645 ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ẹlẹ́ńjíníà Ọbańtokò

Tó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń rò ni bóyá kí wọ́n tan án ní wákàtí yìí tàbí kí wọ́n dúró de NEPA, ọ̀rọ̀ Ọmọ Lísàbí ní ìdí. Ṣùgbọ́n wákàtí ló ń gbó jẹ́n kékeré ju ọjọ́ orí lọ. Rìǹgì ń jẹ, ṣilíńdà ń gbòòrò, ọjọ́ tó bá ti ń tú èéfín búlúù, tó ń mu óìlì, ẹ ti mọ̀ pé ẹ ti ń lo owó tuntun. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tàn án ń mú ọjọ́ yẹn súnmọ́.

Mẹkáníìkì Adígbẹ̀

Wákàtí 2,000 náà, ẹni tó bá ń yí óìlì ló wà fún. Ẹni tí kò bá yí i lè máà rí 1,000, ₦120 á sì di ₦240. Ẹni tó bá fojú óìlì ₦30 kéré, ibẹ̀ ló ti máa san án.

Télọ̀ Pánsẹ́kẹ̀

Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹnìkejì mi ṣì ń jiyàn. Ó ní kí n ṣàlàyé ìdí tí ₦10,000 epo fi ń pẹ́ lọ́wọ́ òun.

Ẹlẹ́ńjíníà Ọbańtokò

Ẹ ní kó fi wákàtí iṣẹ́ wọ̀n ọ́n, kó fi ọjọ́ sílẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù tiyín, ₦10,000 káàdì jẹ́ yúnìtì 44.4, ó máa gbé yín fún wákàtí 74. ₦10,000 epo jẹ́ lítà 11 ó lé díẹ̀, wákàtí 17 péré ni, ẹ ò sì tíì ka óìlì. Ṣùgbọ́n Báńdì A yẹ kó fún yín ní ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Fáànù á máa yí, gílóòbù ìta á máa tàn mọ́jú, fíríìjì á máa ṣiṣẹ́ lóru, ẹlòmíràn á gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí iná. Jẹ́n, ẹ̀ẹ̀kan wákàtí méjì lójúmọ́ ni wọ́n ń tàn án, wọ́n á sì ti yọ gbogbo nǹkan tí kò ṣe pàtàkì. Wákàtí 17 yẹn á wá tàn fún ọ̀sẹ̀ kan, á dà bí ẹni pé ó pẹ́. Owó kan náà ni, iná kan náà kọ́.

Kí epo nìkan tó lè bá Báńdì A dọ́gba ní ṣọ́ọ̀bù yín, lítà bẹntiróòlù ní láti jẹ́ nǹkan bíi ₦208. Ẹ bi í bóyá ó mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á níye yẹn.

Rìwáyà Làfẹ́nwá

Ó ku ibi tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, ìyá wa Àsérò sì ń dúró dè é. Télọ̀, ẹ bá mi ṣe ìdánwò kan sí i: ẹ tan jẹ́n fún wákàtí kan gbáko láìki nǹkan kan bọ̀ ọ́, kí ẹ wọn epo tó mu.

Télọ̀ Pánsẹ́kẹ̀

Mo ti ṣe é. Lítà 0.42. Ó yà mí lẹ́nu o, mo rò pé kò ní ju díẹ̀ lọ.

Rìwáyà Làfẹ́nwá

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Jẹ́n yìí gbọ́dọ̀ máa sá eré kan náà, nǹkan bíi ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kí iná tó lè jáde bí ó ṣe yẹ, yálà ẹ kì nǹkan bọ̀ ọ́ tàbí ẹ ò kì í. Bíi takisí tó ń dúró kó èrò ní Kútọ̀ tí kò pa ẹ́ńjìnnì ni. ₦378 ti lọ ní wákàtí kan kí ẹ tó tan gílóòbù kan.

Ohun tí lóòdù yín fi kún un kò ju lítà 0.23 lọ, fún yúnìtì 0.6. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi lítà 0.38 fún yúnìtì kan. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà méjì yìí wo jẹ́n kan náà ní ibi mẹ́ta, epo nìkan ni mò ń kà:

Ní 0.6 kílówáàtì, ti télọ̀, yúnìtì kan ń jẹ ₦975.

Tí lóòdù bá gòkè dé 1.5 kílówáàtì, jẹ́n á mu bíi lítà 0.99 ní wákàtí kan. Wákàtí kan á wọ́n sí i, ṣùgbọ́n yúnìtì kan á bọ́ sí nǹkan bíi ₦594.

Ìyá wa, firísà tiyín lè máa jẹ bíi 0.2 kílówáàtì nígbà tí mọ́tò rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Tí jẹ́n yín bá tó ti télọ̀, á mu bíi lítà 0.5 ní wákàtí kan, ₦450 nìyẹn. Ó kéré sí ti télọ̀ lójú, àmọ́ yúnìtì kan á jẹ́ ₦2,250. Takisí yẹn ló ń gbé ẹnì kan ṣoṣo lọ. Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Tí iná bá ti lọ fún wákàtí mẹ́jọ, firísà á ti lọ́wọ́ọ́wọ́, mọ́tò rẹ̀ kò ní sinmi láàárín wákàtí méjì tí ẹ tan jẹ́n. Nítorí náà, ẹ má mú ohun tí mítà sọ nígbà tí NEPA wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ wá ṣírò ti jẹ́n. Ẹ wọn ti jẹ́n lọ́tọ̀.

Télọ̀, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kí ẹ kó iṣẹ́ áyọ́ọ̀nù jọ. Ẹ má tan jẹ́n nítorí aṣọ kan. Ìgbà tó bá ti wà lórí iṣẹ́, kí gbogbo nǹkan jọ ṣe é, kí ẹ pa á kíákíá.

Ìyá Firísà Àsérò

₦2,250 ọmọ mi! Ó dáa, tí mo bá wá gbé jẹ́n kékeré tí wọ́n ń pè ní “mo sàn ju aládùúgbò mi lọ” ńkọ́?

Mẹkáníìkì Adígbẹ̀

Epo tó ń mu láìgbé nǹkan kan kéré lóòótọ́, màámi, torí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n 950 tí wọ́n kọ sára rẹ̀, wáàtì 650 ló lè gbé fún ìgbà pípẹ́. Mọ́tò firísà máa ń fa iná ní ìlọ́po púpọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tó bá ń gbéra. Firísà kékeré lè gbéra, ńlá lè máà lè gbéra, á kàn máa kùn húnhún, ìyẹn sì ń jó kọ́ḿpúrẹ́sọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ya jẹ́n ẹlòmíràn dán an wò kí ẹ tó rà á. Ẹ tún rántí pé óìlì lẹ máa pò mọ́ epo rẹ̀, mílílítà 20 sí lítà kan, nítorí náà óìlì náà wà nínú owó wákàtí.

Àdìrẹ Ìtokú

Télọ̀, ṣé ẹ ò ní ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mọ́? Tó bá wà, ẹ fi í rán aṣọ nígbà tí kò síná. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣì wà lọ́jà. Kí ni jẹ́n tún wá ń ṣe nígbà náà?

Télọ̀ Pánsẹ́kẹ̀

Ẹlẹ́sẹ̀ kan wà. Áyọ́ọ̀nù eléèédú kò bá léèsì mu, ó ń ta eérú sára aṣọ oníbàárà. Ṣùgbọ́n mo lè rán an lẹ́sẹ̀, kí n wá tan jẹ́n wákàtí kan nírọ̀lẹ́ fún áyọ́ọ̀nù nìkan.

Ẹlẹ́ńjíníà Ọbańtokò

Ìyẹn dára. Wákàtí mẹ́ta ń jẹ ₦1,755 fún epo. Tí ẹ bá kó gbogbo áyọ́ọ̀nù sí wákàtí kan, tí lóòdù sì sún mọ́ 1 kílówáàtì, lítà 0.8 ni, ₦720.

Ará Ìjàyè

Ẹ jọ̀ọ́, àwa kò ní mítà. Bíìlì ni wọ́n ń mú wá lóṣooṣù, iye kan náà ni bóyá iná wá tàbí kò wá. Báwo ni tiwa ṣe máa rí?

Ọmọ Lísàbí

Tiyín kò ní ìṣirò. Bíìlì kò dín kù tí ẹ ò bá lo iná, nítorí náà wákàtí iná tó wá kò ná yín ní kọ́bọ̀ kan kún un. Jẹ́n ni gbogbo owó yín.

Rìwáyà Làfẹ́nwá

Ní ti pé kí wọ́n tan jẹ́n tàbí kí wọ́n dúró, Ọmọ Lísàbí tọ̀nà. Àmọ́ kí wọ́n tó mọ bóyá ó yẹ kí wọ́n béèrè mítà, wọ́n gbọ́dọ̀ pín bíìlì sí wákàtí tí iná fi wà lóṣù yẹn. Kí wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ súìsì, kí wọ́n máa kọ aago tó wá àti aago tó lọ. Láìsí ìwé yẹn, mi ò mọ ohun tí wọ́n lè fi jiyàn.

Ará Ìjàyè

Tó bá wá jẹ́ pé ilé mẹ́rin ló ń pín bíìlì kan ńkọ́? Ẹnì kan ní firísà, àwọn yòókù ò ní.

Rìwáyà Làfẹ́nwá

Ìyẹn ni ìjà tí mi ò lè bá yín parí níbí o. Ẹ lè fi mítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn ti firísà yẹn lọ́tọ̀, ó kéré tán ẹ ó mọ ohun tó ń jẹ.

Mẹkáníìkì Adígbẹ̀

Télọ̀, ẹ kọ 0.42 àti 0.65 yẹn sára ògiri. Ẹ tún ìdánwò aláìní lóòdù yẹn ṣe nígbàkígbà tí ẹ bá yí óìlì. Tó bá kúrò ní 0.42 lọ sí 0.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo fóòmù, tó bá dí, afẹ́fẹ́ kò ní tó, epo á pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á sì dúdú bíi èédú. Tí fóòmù bá mọ́, ẹ fa igi óìlì yọ, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bẹntiróòlù tàbí tí óìlì ga ju àmì lọ, abẹ́rẹ́ inú kábúrẹ́tọ̀ kò pa epo mọ́, ó ń jò sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ má tan án bẹ́ẹ̀, ẹ da óìlì yẹn nù ná. Ẹ sì máa ti kọ́ọ̀kì epo pa tí ẹ bá ti pa jẹ́n.

Tí méjèèjì kò bá ní wàhálà, ẹ gbé fólítímítà sí i láìki nǹkan bọ̀ ọ́. Tó bá ń fi 250 hàn, ẹnì kan ti fa sípírínì gọfánọ̀ tó ń darí eré ẹ́ńjìnnì nítorí pé ẹ sọ fún un pé iná kò le tó. Kó dá a padà sí nǹkan bíi 230. Eré àsákù yẹn ń mu epo, ó sì ń jó gílóòbù.

Télọ̀ Pánsẹ́kẹ̀

Tiwa ń fi 246 hàn. Mẹkáníìkì, ṣé ẹ lè yà sí Pánsẹ́kẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?

Mẹkáníìkì Adígbẹ̀

Àbámẹ́ta kò ṣeé ṣe, ó di ọjọ́ Ajé. Ẹ má fọwọ́ kan sípírínì yẹn kí n tó dé o.